Ẹ̀rọ Tí Kò Sinmi

Owó iná tó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan kì í sábà wá láti ara ohun tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọlé. Bí ó bá jẹ́ ohun tuntun ni, onílé ti mọ̀ ọ́n kí ìwé tó dé, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń rú ni lójú ni ti ilé tí kò sí àyípadà kankan níbẹ̀: iye èèyàn kan náà, yàrá kan náà, ẹ̀rọ kan náà, síbẹ̀ owó ti di méjì. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó sinmi díẹ̀, ló dẹ́kun sísinmi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ní Riviera, ní àgbègbè Cocody ní ìlú Abidjan, ọ̀rọ̀ yìí máa ń le jù láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún. Láti Riviera 2 títí dé Palmeraie, Bonoumin àti Faya, ilé oníbíríkì sìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní òrùlé kọnkéré tó ń gba oòrùn sára látàárọ̀, tó wá ń tú ooru náà sínú yàrá di ọ̀gànjọ́ òru. Ọ̀sà Ébrié ò jìnnà, nítorí náà ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní klímù, kò kàn ń lé ooru nìkan níbẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ fún omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ kí yàrá tó tutù. Omi tó ń kán láti ẹnu rọ́bà ìta gbogbo ilé ńlá ní Palmeraie jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ yìí, iná ló sì ń san owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, ìwé owó iná fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà dáadáa. Iye owó kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé, nítorí ó lè lọ sókè kí iná tí ilé jẹ má kúrò lójú kan. Ní ọdún 2016, owó iná tí wọ́n fi kún ní Côte d'Ivoire dá awuyewuye sílẹ̀ débi pé ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Alassane Ouattara kéde pé àfikún náà ti di fífagilé. Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù keje, ìfẹ̀hónúhàn lórí owó iná ṣì bẹ́ sílẹ̀ ní Bouaké àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ní ọdún 2020, lásìkò àrùn Kòrónà, ìjọba sún ọjọ́ ìsanwó iná síwájú láti fi ran ará ìlú lọ́wọ́. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n gbèsè tí a sún síwájú máa ń bá ti oṣù tó tẹ̀lé e pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó wo owó nìkan nírú àkókò bẹ́ẹ̀ lè máa tú firíìjì palẹ̀ nígbà tí firíìjì kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí ó yẹ kí a wò ni yúnìtì, ìyẹn iye tí ìwé náà kọ kWh sí lára. Yúnìtì kan ni iná tí ẹ̀rọ oníwáàtì 1000 ń jẹ bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni kí a wo ọjọ́ tí wọ́n ka mítà ní ìgbà tó kọjá àti ọjọ́ tí wọ́n kà á lọ́tẹ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù méjì-méjì ni CIE, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní Côte d'Ivoire láti ọdún 1990, máa ń fi kó owó àwọn tó ń jẹ iná kí wọ́n tó san. Ẹni tó bá fi ìwé oṣù méjì wé ìwé oṣù kan yóò pariwo lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lé lórí oṣù kan ṣe lè fẹ owó lójú. Ó sì tún yẹ kí a mọ̀ bóyá wọ́n ka mítà lóòótọ́ tàbí wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ọgbà bá tì lọ́jọ́ tí akàmítà wá, wọ́n lè díwọ̀n iye kan tó kéré, kí gbogbo èyí tó kù wá wọlé pọ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e. Bí a ṣe ń mọ èyí kò le: kí a lọ síwájú mítà, kí a ka nọ́ńbà ojú rẹ̀, kí a fi wé nọ́ńbà tuntun tó wà lórí ìwé. Bí ti mítà bá kéré sí ti ìwé, ìwé ló ní ọ̀rọ̀ í sọ, kì í ṣe ilé.

Ká wá fi ilé kan ní Riviera Palmeraie ṣe àpẹẹrẹ, yàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ kó ọjọ́ 29 pọ̀, ó sì jẹ́ yúnìtì 290. Ìwé kejì kó ọjọ́ 33 pọ̀, ó jẹ́ yúnìtì 660. Bí a bá wo àpapọ̀ nìkan, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Bí a bá pín in fún ọjọ́, yúnìtì 10 lójúmọ́ ló di 20. Mítà bá ìwé mu, iye owó yúnìtì kò yí padà, gbèsè kankan kò sì kù nílẹ̀. Ohun tó kù láti wá ni yúnìtì 10 tí ilé náà ń jẹ lójoojúmọ́ tí kò jẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di iye kan pàtó báyìí, ó ti kúrò ní àròyé, ó ti di ohun tí ó ṣe é wá.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọọ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi: ó ń lọṣọ jù, kì í paná gílóòbù, ó ń gbàgbé tẹlifíṣọ̀n. Ìṣirò kékeré yóò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn náà. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1200 tó ṣiṣẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí jẹ ìdámẹ́ta nínú márùn-ún yúnìtì kan péré. Kó tó lè jẹ yúnìtì 10, ó ní láti wà lórí iná fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́, láìsí ìsinmi. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 tí wọ́n gbàgbé láti alẹ́ di alẹ́ kejì kò jẹ tó ìdámẹ́rin yúnìtì kan. Àìtọ́ ni láti fi irú nǹkan báyìí ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ nígbà tí ìṣirò ìṣẹ́jú kan lè fi òtítọ́ hàn. Wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n rí i pé áyọ́ọ̀nù le ju firísà lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, wọ́n wá rò pé òun ló ń jẹ owó jù. Wákàtí ni wọ́n gbàgbé láti ṣírò.

Irinṣẹ́ tó dára jù fún ìwádìí yìí ti wà nílé, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lójú ọ̀pọ̀ mítà ìgbàlódé, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ iye ìgbà tó ń tàn fún yúnìtì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ `1000 imp/kWh` ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná náà yóò tàn yẹ́rí nígbà 1000 kí yúnìtì kan tó pé. Kí a ka iye ìgbà tó tàn láàárín ìṣẹ́jú kan lójú aago, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po 60, wáàtì tí ilé ń jẹ lásìkò náà gan-an nìyẹn. Bí ó bá tàn nígbà 5, wáàtì 300 ni. Bí ó bá tàn nígbà 20, wáàtì 1200 ni. Bí ó bá jẹ́ iye mìíràn ni wọ́n kọ, bíi 800 tàbí 1600, kí a sọ iye tó tàn di ìlọ́po 60000, kí a wá fi iye náà pín in. Ẹni tó ń lo mítà alájẹsílẹ̀ náà lè ṣe é. Òun kì í gba ìwé ní tirẹ̀, àmì tó máa ń rí ni pé owó tó máa ń tó o fún oṣù kan ti ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni kí a pa gbogbo bírékà ilé, kí a dúró síwájú mítà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò yẹ kí iná pupa tàn rárá. Bí ó bá ṣì ń tàn, ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti já gba iwájú bírékà lọ síbòmíràn, tàbí pé mítà fúnra rẹ̀ ní àbùkù. Ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ń jí iná tàbí mítà tó ń sáré jù bọ́gbọ́n mu. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tú nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ iná ni yóò kọ ìwé sí kí wọ́n wá yẹ mítà wò, bí wọn kò bá sì gbọ́ra wọn yé, ANARE-CI, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iná mọ̀nàmọ́ná, wà fún irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilé Palmeraie yìí, iná pupa kú pátápátá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Lẹ́yìn èyí ni kí a máa ṣí bírékà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá kà á kò tó, nítorí pé bí ẹ̀rọ kan ṣe ń jẹ iná nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ń yí padà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ka mítà lálẹ́ kí a tó sùn, kí a tún kà á láàárọ̀ kùtùkùtù. Nílé yìí, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn sùn, yúnìtì 11 àti díẹ̀ ló lọ. Ó ju ìdajì ohun tí ilé ń jẹ ní odindi ọjọ́ lọ. Alẹ́ ni olè náà ń jáde.

Klímù họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ tó wà ní yàrá ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́. Wọ́n pa bírékà gbogbo yòókù fún ìgbà díẹ̀, iná pupa tàn nígbà 19 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn wáàtì 1140. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí irú klímù bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹ nìyẹn. Ní aago mẹ́ta òru, wọ́n tún kà á: 19. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí: 19 náà ni. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Klímù tí kì í ṣe oní-ínfátà, bí ó bá ti mú yàrá dé ibi tí wọ́n ní kó dé, kọ́mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ tó wà lóde yóò dákẹ́, fáànù inú ilé nìkan ni yóò máa fẹ́, iye náà yóò sì já wálẹ̀ sí ẹyọ kan tàbí odo. Tẹ́lẹ̀, bí ìdajì òru ló fi ń sinmi, yúnìtì bíi 4.6 ló sì ń jẹ. Ní báyìí tí kò sinmi rárá fún wákàtí mẹ́jọ, ó jẹ 9.1. Yúnìtì mẹ́rin ààbọ̀ nínú mẹ́wàá ti di mímọ̀.

Kí ló dé tí kò sinmi? Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á, wọ́n sì máa ń wọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n fi í sí 18. Ní Abidjan nínú oṣù kẹta, tí ìta ṣì lè gbóná tó 27 lóru, ẹ̀rọ náà lè máà dé 18 títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, èèyàn tó wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kò sì ní mọ ìyàtọ̀ láàárín 22 tó dé àti 18 tí kò dé. Ìkejì ni ìdọ̀tí: asẹ́ inú ilé tí eruku ti dí, àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìta tí eruku pupa ojú ọ̀nà Palmeraie ti lẹ̀ mọ́. Asẹ́ ṣe é yọ kí a fi omi fọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkẹta ni gáàsì tó ti dín kù. Ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n ni kí a fi ohun ìwọ̀n ooru wo afẹ́fẹ́ tó ń wọ orí klímù àti èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wọn tó ìwọ̀n 8 sí 12. Nílé yìí, lẹ́yìn tí wọ́n fọ asẹ́ tán, 4 péré ni, yìnyín sì ń dì mọ́ páìpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìta.

Ohun kan wà níbí tí àwọn oníṣẹ́ klímù kì í fẹ́ sọ. Gáàsì klímù kì í tán bí epo mọ́tò ṣe ń tán. Inú páìpù tó dì pa ló ń yí ká, ọ̀kan náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá dín, ó ti jò ni. Oníṣẹ́ tó kàn rọ gáàsì kún un, tó gba owó rẹ̀, tí kò fi ọṣẹ wá ibi tó ń ru foomu ní ojú ìsopọ̀ páìpù, yóò padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, owó iná yóò sì ti tún gun òkè kó tó dé.

Yúnìtì márùn-ún ààbọ̀ ṣì kù. Bí alẹ́ ṣe jẹ ju ohun tí klímù nìkan lè jẹ lọ ló tọ́ka sí èkejì: hítà omi tó wà lókè àjà ilé ìwẹ̀. Wáàtì 1500 ló ń jẹ nígbà tó bá ń gbóná, ó sì máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ bí omi inú rẹ̀ bá ti gbóná tó. Ní aago méjì òru, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, iná pupa máa ń ṣàdédé fò sókè pẹ̀lú 25 nígbà mìíràn, á sì tún wálẹ̀. Hítà tí a kò fi omi rẹ̀ ṣe nǹkan kan máa ń tan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi rọ́pò ooru tó ń jò jáde lára àgbá, ṣùgbọ́n ti ilé yìí ti pọ̀ jù. Ẹni tó fọwọ́ kan páìpù omi gbígbóná lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ àlejò rí i pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan kò lò ó láti àárọ̀. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ló ń jò tín-ín-rín sínú ihò ìdaminù, láìdún, nítorí ó ń tẹ̀ lé ara ògiri wálẹ̀.

Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sábẹ́ rẹ̀. Kọ́ọ̀bù náà gba ìdámẹ́rin lítà, ó sì kún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lítà 5 ni ní wákàtí kan, lítà 120 lójúmọ́. Láti mú lítà omi kan gbóná ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, wáàtì 1.16 fún wákàtí kan ló ń gbà. Omi tó ń wọ hítà tó nǹkan bí 27, èyí tó ń jáde tó 60, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 33. Bí a bá sọ 120 di ìlọ́po 33, tí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po 1.16, ó lé díẹ̀ ní 4590, ìyẹn yúnìtì 4.6. Ohun tí kò dún, tí kò tan iná, tí kò sì ní wáyà lára, ló fi iná kún ti ilé tó bí klímù tó bàjẹ́ ṣe fi kún un, nítorí klímù ń jẹ lóru nìkan, òun kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Owó omi náà yóò ti ga sókè, wọn ì bá sì ti rí i bí wọ́n bá wo ìwé iná àti ìwé omi pọ̀. Wíwo ìwé méjèèjì pọ̀ yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe, ó sì ń yani lẹ́nu bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó.

Lọ́pọ̀ ilé ní Riviera, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè náà wà, nítorí omi kì í lágbára nígbà gbogbo. Bí páìpù bá ń jò, òun náà yóò máa tan láti ìgbà dé ìgbà lóru, ariwo rẹ̀ sì máa ń tú u fó. Owó tó ń jẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún nígbà tí kò sí ẹni tó ṣí omi, ó ń sọ fún onílé pé omi ń lọ síbì kan.

Yúnìtì tó kù kò tó kan mọ́, firísà ilé ìdáná ló ní in. Wáàtì 150 péré ló ń jẹ. Wákàtí 12 ló fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá di 18, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0.9. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ti gan, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin sì ń gba igun kan wọlé, ó ń di yìnyín bo ara ògiri inú rẹ̀. Wọ́n ki ìwé owó fráǹkì kan sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n tì í, wọ́n sì fà á. Ní igun mẹ́ta, ìwé náà há. Ní igun kẹrin, ó yọ láìsí wàhálà. Rọ́bà tuntun kò wọ́n, kí wọ́n sì tó fi sí i, kí yìnyín tó wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ yọ́ tán.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti dí ibi tí gáàsì ń jò, tí wọ́n fọ klímù tí wọ́n sì fi í sí 25, tí wọ́n pààrọ̀ wọ́ṣà ẹ̀rọ omi àti rọ́bà firísà, wọ́n tún ka mítà fún ọ̀sẹ̀ kan, ní aago kan náà lójoojúmọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi yúnìtì 73 àti ààbọ̀, ìyẹn 10.5 lójúmọ́. Ààbọ̀ yúnìtì tó lé lórí ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti oṣù kẹta fúnra rẹ̀: klímù tó ti sàn ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́, ìyẹn kò sì ní lọ kí òjò oṣù kẹfà tó dé.